Èmi Ni Ọ̀gá, Jọ́níìmáànù Mi Ló Jèrè

Iye tí mo ta aṣọ, kí n yọ iye tí mo ra yáàdì kúrò níbẹ̀, ohun tó bá ṣẹ́kù, èrè ni. Ìṣirò tí mo fi ń ṣe ọ̀gá télọ̀ kiri Àkúrẹ́ nìyẹn. Mi ò kọ ọ́ sínú ìwé kankan, torí lójú mi, kò sóhun tó le níbẹ̀ tó yẹ kéèyàn kọ sílẹ̀. Mo máa ń sọ pé ọmọ aláàkàrà pàápàá mọ irú ìṣirò yẹn. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọmọ aláàkàrà. Ó mọ̀ pé ẹ̀wà nìkan kọ́ ló ń di àkàrà. Ó mọ iye tí òróró jẹ, ó mọ iye tí igi ìdáná jẹ, bí ata bá sì gbówó lórí, àkàrà rẹ̀ á kéré sí i lọ́jọ́ kejì. Èmi tí mo kọ́ṣẹ́, tí mo gba fúrídọ̀mù, tí wọ́n wọ́ pọ́dà sí lórí, mi ò mọ̀ tó o.

Ìwọ tí ò ń ka èyí, bóyá o ń ránṣọ tàbí o ń ṣe bàtà, bóyá fọ̀nísọ̀ lo ń kàn, má tíì fi mí rẹ́rìn-ín. Dúró ná, kó o kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ìlú Oǹdó ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ ìyá kan tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà ní Yábà. Ìyá náà le. Wọ́n ní ìwé kan tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí, àyà, ìdí, apá, gígùn. Àmọ́ ojú ìwé kejì tó dojú kọ ìwọ̀n yẹn ni wọ́n máa ń kọ ohun kan sí tó ń pa àwa ọmọ iṣẹ́ lẹ́rìn-ín. Wọ́n á kọ òwú. Wọ́n á kọ síìpù, síteè, bọ́tìnnì. Wọ́n á kọ epo, kódà lọ́jọ́ tí iná wà. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n á wá kọ "ọwọ́ mi", wọ́n á sì fi iye kan síwájú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti jáde, a ó máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ta ló ń sanwó fún ọwọ́ ara rẹ̀? Ṣé ọwọ́ ọ̀tún ni yóò san án fún ọwọ́ òsì ni? Èmi ni mo máa ń rẹ́rìn-ín jù.

Nígbà tí mo gba òmìnira, mo kó wá sí Àkúrẹ́, mo gba ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìjòkà. 96,000 náírà ni owó rẹ̀ lọ́dún, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la sì ń san án. Mo ra maṣíìnì kan ní 180,000, mo ra jẹnẹrétọ̀ kékeré, mo ya pátákó tó tóbi ju ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lọ. Oníbàárà ń wá. Púpọ̀ nínú wọn ló ń gbé aṣọ tiwọn wá, tó jẹ́ pé owó iṣẹ́ nìkan ni mò ń gbà. Ibẹ̀ gan-an ni ojú mi ti fọ́. Bí ènìyàn bá san 4,000 fún bùbá àti ṣòkòtò, mo gbà pé gbogbo 4,000 náà, èrè ni, torí n kò ra yáàdì kan. Mo fi sápò. Inú àpò kan náà ni mo ti ń ra epo, inú rẹ̀ ni mo ti ń ra òwú, inú rẹ̀ ni mo ti ń jẹun, inú rẹ̀ ni mo ti ń ra káàdì. Owó kì í tán pátá, torí pé lójoojúmọ́ ni ẹlòmíì ń san àsansílẹ̀. Ohun tó bá ń wọlé lójoojúmọ́, èèyàn kì í bi í léèrè ibi tó ń gbà jáde. Mo ń rò pé mo là díẹ̀díẹ̀. Gbogbo òwò mi ò ju owó àwọn oníbàárà tó ń ti ara wọn lẹ́yìn lọ.

Lẹ́yìn náà ni ọdún 2023 dé. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, ọjọ́ tí wọ́n búra fún Ààrẹ Tinubu, ó kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Epo tí à ń rà ní nǹkan bí 200 náírà lítà kan fò sókè láàárín ọjọ́ díẹ̀, nígbà tó sì di oṣù Keje, ó ti lé ní 600. Ẹ mọ̀ pé iléeṣẹ́ iná ti Benin ló ń pín iná fún wa níbí nígbà náà, ẹ sì mọ bí iná ṣe ń rí. Bí a ò bá tan jẹnẹrétọ̀, ìránṣọ lè ṣeé ṣe nípa wíwa ẹsẹ̀, àmọ́ áyọ́ọ̀nù ò lè gbóná, aṣọ tí a ò lọ̀ kò sì ṣeé gbé fún oníbàárà. Àwọn télọ̀ àdúgbò fowó kún iṣẹ́ wọn. Èmi ò fi kún un. Oníbàárà wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ya sọ́dọ̀ mi. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ fún ara mi: ọwọ́ mi ni wọ́n fẹ́ràn.

Oṣù Kẹjọ ọdún yẹn ni iṣẹ́ ńlá dé. Màmá kan tó ní ilé-ìwé ní Oǹdó, tó mọ̀ mí láti ìgbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, pè mí pé wọ́n fẹ́ yunifọ́ọ̀mù tuntun kí ọmọ tó wọlé ní oṣù Kẹsàn-án. Ẹ̀wù oníṣẹ́ẹ̀kì pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé fún ọkùnrin, ẹ̀wù kan náà pẹ̀lú síkẹ́ẹ̀tì fún obìnrin. Ọgọ́fà ọmọ. Èmi ni n ó ra aṣọ, èmi ni n ó rán an, wọ́n á kàn gbà á ni.

Mo kọ́kọ́ pe 6,500 lórí ọmọ kan. Ibi tí mo ti rí 6,500 yẹn, èmi náà ò lè sọ. Mo gbọ́ iye tí ẹlòmíì ń gbà ni. Màmá náà rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọgọ́fà mà ni o. Kì í ṣe ẹyọ kan. Dín in kù fún mi." Mo yọ fóònù, mo tẹ ìṣirò mi níwájú wọn bí akọ̀wé báńkì. Aṣọ ọmọ kan, bí mo bá rà á lọ́pọ̀ ní Ọjà Ọba, á jẹ́ 3,400. Bí mo bá gbà á ní 5,500, 2,100 á kù fún mi. 2,100 lọ́nà ọgọ́fà. Fóònù ní 252,000.

N kò tíì rí irú owó bẹ́ẹ̀ rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ní, "Ẹ mú un ní 5,500, mà." Mo yọ ẹgbẹ̀rún kan lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, kò sì dùn mí rárá.

Ọjọ́ náà ni mo yà sí Yábà lọ kí ọ̀gá mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, kíkí kọ́ ni mo bá lọ. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ 252,000 létí wọn ni. Wọ́n gbọ́. Wọ́n ń tú ìránṣọ kan lọ́wọ́, wọn ò gbójú sókè.

"Ta ni yóò rán an?"

"Èmi àti jọ́níìmáànù mi ni, mà."

"Èló lo máa fún un?"

"700 lórí ẹyọ kan, mà."

"O ti yọ ìyẹn?"

Mo dákẹ́.

"Epo ńkọ́? Wíífìn ńkọ́, àbí o ti ra ẹ̀rọ ẹ? Ta ni yóò gé e?"

"Èmi fúnra mi ni n ó gé e, mà. Ọwọ́ mi ni. Kò ní ná mi ní nǹkan kan."

Nígbà náà ni wọ́n gbójú sókè. Wọ́n ní, "Lọ kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé kó o tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ obìnrin yẹn. Bí o ò bá rí ìwé, wá gba tèmi."

Mo ní, "Ẹ ṣé, mà." Mo dọ̀bálẹ̀, mo jáde. Nínú mọ́tò, mò ń sọ lọ́kàn mi pé àgbà ti ń mú ìyá yìí, wọn ò mọ bí òwò òde òní ṣe ń lọ. Kí a tó kọjá Ọ̀wẹnà, mo ti fi èrè iṣẹ́ tí n kò tíì gé ra maṣíìnì ìńdọ́síríà.

Kì í ṣe pé mò ń fi ọ̀rọ̀ dárà. Mo rà á lóòótọ́. Ilé-ìwé san 500,000 àsansílẹ̀. Mo lọ sí Ọjà Ọba, mo ra aṣọ gbogbo ọmọ ní 408,000. 92,000 ló kù. Ọkùnrin kan tó ń ta àlòkù ní maṣíìnì ìńdọ́síríà kan tí ó ní òun ó ta ní 220,000. Mo fún un ní 90,000, mo ní kó fún mi ní oṣù kan kí n fi san ìyókù, torí owó ńlá ń bọ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí oṣù bá pé tí n kò san, òun ó gba ẹ̀rọ òun, òun á sì yọ owó ìlò. Mo fọwọ́ sí i. Ó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń kí mi kú oríire.

2,000 náírà ló kù lọ́wọ́ mi láti fi rán aṣọ ọgọ́fà ọmọ.

Ọjọ́ kejì ni jọ́níìmáànù mi dé. Ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, ó kàn jẹ́ pé kò ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ni. Ó wo òkìtì aṣọ, ó wo inú dúrọ́ọ̀, ó ní, "Ọ̀gá, òwú dà?" Mo ní a ó rà á. Ó ní, "Bọ́tìnnì dà? Rọ́bà dà?" Mo ní a ó rà á. Ó wò mí fún ìgbà pípẹ́, ó jókòó.

Bọ́tìnnì mẹ́fà sí ẹ̀wù kan, síteè sí kọ́là, síìpù tàbí rọ́bà sí ìdí, òwú tó máa bá àwọ̀ méjèèjì mu. Nígbà tí a ra gbogbo ẹ̀ pọ̀, 250 ni ó bọ́ sí lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. 30,000 lápapọ̀. N kò ní ẹ̀rọ wíífìn, bẹ́ẹ̀ yunifọ́ọ̀mù tí a ò bá fi wíífìn sí etí rẹ̀, ìfọṣọ mélòó kan ni yóò tú u. Ẹni tó ń ṣe é fún mi gba 150 lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. 18,000. Iná ò dúró, a sì ń rán títí ilẹ̀ fi ń ṣú, jẹnẹrétọ̀ mu 60 lítà kí iṣẹ́ tó parí. 37,200. Mo lọ Oǹdó láti wọn ọmọ, mo lọ láti fi àpẹẹrẹ hàn wọ́n, ìgbà tí a parí, mo háyà mọ́tò láti kó o lọ. 21,000.

Mo wá fọwọ́ ara mi ba aṣọ jẹ́. Kí iṣẹ́ lè yá, mo tẹ́ aṣọ léra wọn lọ́pọ̀ ìpele, mo fi ṣọ́ọ̀kì yàwòrán sórí tòkè, mo sì ki àlùmọ́gàjí bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Àlùmọ́gàjí ọwọ́ kì í lọ tààrà nínú aṣọ tó nípọn. Ẹnu rẹ̀ a máa tẹ̀ sínú bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, tòkè á pé, tìsàlẹ̀ á fún. Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá o ti bà á jẹ́, mú èyí tó wà lókè àti èyí tó wà nísàlẹ̀, gbé wọn léra, kí o wo etí wọn. N kò wò ó. Ìgbà tí a rán an tán ni mo mọ̀. Ẹ̀wù mẹ́sàn-án pẹ̀lú ṣòkòtò wọn kò wọ ọmọ tí a rán an fún. Mo padà sí Ọjà Ọba, mo tún ra aṣọ ọmọ mẹ́sàn-án. 30,600.

Àròpọ̀ gbogbo èyí tí mo kà yìí, láìtíì kan owó jọ́níìmáànù, jẹ́ 136,800. Owó tó wà lọ́wọ́ mi jẹ́ 2,000. Mo yá 100,000 lọ́wọ́ olówó èlé, èlé 20,000 lóṣù. Ìyẹn ò tó. Mo wá kó 34,800 nínú àsansílẹ̀ àwọn oníbàárà mìíràn, àwọn tí aṣọ wọn wà nílẹ̀ tí wọ́n ń dúró de òde ọjọ́ Sátidé.

Aṣọ wọn ò jáde lọ́jọ́ Sátidé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bú télọ̀ pé onírọ́ ni, pé ọ̀lẹ ni, ẹ fetí sí mi. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ọ̀lẹ. Owó aṣọ yín ló ti wọ inú aṣọ ẹlòmíì. Télọ̀ tó ń fi owó Táíwò rán aṣọ Kẹ́hìndé, ó ti pàdánù lórí aṣọ kan tẹ́lẹ̀, kò kàn tíì mọ ni. Àmì tó dájú jù lọ nìyẹn: iṣẹ́ kún ilẹ̀, òwú kò sí.

A gbé yunifọ́ọ̀mù lọ. Màmá náà dúpẹ́, inú àwọn òbí dùn. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, 160,000 tó kù wọlé. Mo san 120,000 fún olówó èlé. Mo dá 34,800 àwọn oníbàárà padà sínú iṣẹ́ wọn. 5,200 ló kù. Jọ́níìmáànù mi jókòó sórí àga ní ẹnu ọ̀nà, ó ń dúró de 56,000 rẹ̀, torí òun ló rán ọgọ́rin nínú ọgọ́fà.

Oṣù ti pé lórí maṣíìnì. Ọkùnrin náà wá gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ ní ọ̀sán gangan, níwájú àwọn tó ti kí mi kú oríire. Ó dá 60,000 padà nínú 90,000, ó ní 30,000 ni owó ìlò. Inú ìwé tí mo fọwọ́ sí ló wà. Mo mú 56,000 nínú rẹ̀, mo fún jọ́níìmáànù.

9,200 ló kù. Owó ṣọ́ọ̀bù oṣù yẹn jẹ́ 8,000.

Mo ṣe oṣù kan gbáko fún 1,200 náírà. Jọ́níìmáànù mi, tí kò ní ṣọ́ọ̀bù, tí kò ya pátákó, gba 56,000. Ó sọ "ẹ ṣé, ọ̀gá", ó lọ sílé.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tó ra ìwé. Mo kọ ọ́ bí mo ṣe rí i ní Yábà, mo sì pín gbogbo rẹ̀ sórí ọmọ kan ṣoṣo, nítorí orí ẹyọ kan ni èrè tàbí òfò ti ń bẹ̀rẹ̀. Aṣọ, 3,400. Òwú, bọ́tìnnì àti àwọn ẹbí rẹ̀, 250. Wíífìn, 150. Ìránṣọ, 700. Mo kọ 700 náà sórí ogójì tí èmi fúnra mi rán pẹ̀lú, torí ká ní ibà dá mi dùbúlẹ̀, ẹlòmíì ni ì bá rán an, kò sì ní rán an lọ́fẹ̀ẹ́. Gígé, 200, iye tí wọ́n ń san fún ẹni tó bá gé fúnni. Epo, 37,200 tí a pín sí ọgọ́fà, 310. Ọkọ̀, 175. Ṣọ́ọ̀bù àti maṣíìnì ló pẹ́ mi díẹ̀. Owó ṣọ́ọ̀bù oṣù kan, 8,000. Maṣíìnì mi tí mo ra ní 180,000, mo rò pé á ṣiṣẹ́ ọdún márùn-ún kí n tó pààrọ̀ rẹ̀, ìyẹn ni pé ó ń jẹ 3,000 lóṣù bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò béèrè rẹ̀. 11,000 tí a pín sí ọgọ́fà, 92. Aṣọ tí mo bà jẹ́, 255 lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Mo ro ó pọ̀. 5,532.

Mo ti tà á ní 5,500.

Ẹ wò ó dáadáa. Kí olówó èlé tó dé, kí ẹlẹ́rọ tó gba 30,000 rẹ̀, mo ti ń pàdánù 32 náírà lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Mo tún fi sùúrù ṣe é lọ́nà ọgọ́fà. Bí wọ́n bá fún mi ní igba ọmọ, ǹ bá gbà á, ǹ bá sì tún ṣe ọdẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa télọ̀ gbà pé bí iṣẹ́ bá ti pọ̀, a lè dín owó kù. Kí ló ń rọ̀ nínú iṣẹ́ púpọ̀? Yáàdì a rọ̀ díẹ̀, torí a rà á lọ́pọ̀. Owó ọkọ̀ a pín. Ó tán. Kọ́là tó gba ìṣẹ́jú mélòó kan lára ẹ̀wù àkọ́kọ́, iye ìṣẹ́jú yẹn náà ni yóò gbà lára ẹ̀wù ọgọ́fà. Bọ́tìnnì kì í kéré torí pé ọmọ pọ̀. Epo tí mo fi rán an kò bá mi ná an.

Mo wá rántí 6,500 tí mo kọ́kọ́ pè. Mo yọ 5,532 kúrò níbẹ̀. 968.

Mo jókòó, mo ń wo 968 yẹn. Ẹgbẹ̀rún kan tí mo fi ẹ̀rín músẹ́ yọ fún màmá onílé-ìwé ni gbogbo èrè mi. Òun nìkan ni èrè tó wà níbẹ̀ látilẹ̀. Mo rò pé èrè mi jẹ́ 3,100, pé n ó yọ ẹgbẹ̀rún kan níbẹ̀ kí ó ku 2,100. Màmá náà ò rẹ́ mi jẹ. Wọ́n nájà bí gbogbo èèyàn ṣe ń nájà. Ẹni tó bá mọ iye tí aṣọ dúró lé lórí lè nájà, kó mọ ibi tó ti ń dúró. Èmi ò mọ̀, n kò sì ní ibi tí mo lè dúró sí.

Mo lọ bá ọ̀gá mi ní Yábà. Mo ka ìwé náà fún wọn láti òkè délẹ̀. Mo rò pé wọ́n á bá mi kẹ́dùn. Wọ́n gba bírò lọ́wọ́ mi, wọ́n fi kún un lábẹ́: owó èlé, 20,000; owó maṣíìnì tó sọnù, 30,000. Wọ́n ní ìyẹn náà wà lórí iṣẹ́ yẹn, kí n má fi pamọ́. Àròpọ̀ òfò, nígbà tí a ka ọwọ́ mi sí i, di 53,800. Wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun.

Ní báyìí, mo ní àpò méjì. Ọ̀kan jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan jẹ́ tèmi, mo sì ń san owó ọwọ́ mi láti inú ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sátidé bí mo ṣe ń san ti jọ́níìmáànù. Ọ̀sẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù ò bá lè san án, mo mọ̀ pé iye tí mò ń gbà kò tó, n kò ní dúró di ìparí ọdún kí n tó mọ̀. Àsansílẹ̀ oníbàárà kan kì í wọ inú aṣọ ẹlòmíì mọ́. Bí epo bá ti gbówó lórí, mo máa ń ṣí ìwé lọ́jọ́ náà gan-an. Kì í ṣe gbogbo oníbàárà ló dúró tì mí. Àwọn tó wá nítorí pé owó mi kéré ju ti àdúgbò ti lọ, wọ́n ti rí ẹlòmíì. Ọwọ́ mi kọ́ ni wọ́n fẹ́ràn.

Lọ́dún 2024, ilé-ìwé náà tún pè mí. Aṣọ ti wọ́n sí i, epo náà bẹ́ẹ̀. Mo ṣírò rẹ̀ tán kí n tó dáhùn, mo pe 8,200. Màmá ní kí n gbà á ní 7,000. Mo ní, "Mà, bí mo bá gbà á ní 7,000, èmi ni mo ń ra yunifọ́ọ̀mù fún àwọn ọmọ yín." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn á pè mí padà. Wọn ò pè. Mo gbọ́ pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbà á ní 7,000, inú rẹ̀ sì dùn gan-an.

N kò mọ ọ́n. Bí ó bá jẹ́ ìwọ ni, jọ̀ọ́, má tíì fi owó yẹn ra maṣíìnì. Mú ìwé, kọ owó epo sí i, kọ wíífìn sí i, kí o sì kọ ọwọ́ rẹ sí i, kí àlùmọ́gàjí tó kan aṣọ.